Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ yàrà gọ́tà kan ní Bàrígà: bí típà 29 ṣe di 43

Iṣẹ́ náà nìyí: yàrà gọ́tà tó gùn ní mítà 120, ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà kan ní Bàrígà tí omi rẹ̀ ń ṣàn lọ sí ìhà ọ̀sà. Gọ́tà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe tóóró, òkè rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì dagẹ̀rẹ̀ wálẹ̀. Kọnkéré ni wọn yóò fi tẹ́ inú rẹ̀, nítorí náà kò sí yẹ̀pẹ̀ kankan tí yóò padà síbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá gbẹ́ ló gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì. Ọ̀nà kò fẹ̀ tó ibi tí èèyàn ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ sí, bí òjò bá sì rọ̀ lé òkìtì náà lórí, inú yàrà kan náà ni yóò tún wọ́ padà sí.

Ìṣirò àkọ́kọ́ tí wọ́n fi gba owó típà sọ pé ẹrù 29 yóò kó o tán. Ẹrù 43 ló kó o. Kò sẹ́ni tó jalè níbẹ̀ o. Ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí ni ibi tí 14 yòókù ti wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe fara hàn lẹ́nu iṣẹ́.

Kí dígà tó kan ilẹ̀

Bí èèyàn bá gé yàrà yìí ní ìbú, bí ẹni gé búrẹ́dì, ohun tí yóò rí ni onígun mẹ́rin kan: ilà òkè àti ilà ìsàlẹ̀ bá ara wọn lọ láì pàdé, ẹ̀gbẹ́ méjì tó kù dagẹ̀rẹ̀. Tírápísíọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é nílé ẹ̀kọ́. Kí a mọ bí ojú-gígé yìí ṣe tóbi tó, a ó ro fífẹ̀ òkè pọ̀ mọ́ fífẹ̀ ìsàlẹ̀, a ó pín in sí méjì, a ó sì fi jíjìn rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀.

Nínú iṣẹ́ yìí, ìsàlẹ̀ yàrà fẹ̀ ní mítà 0.80 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdajì sí ọ̀kan: bí a bá jìn sílẹ̀ ní mítà kan, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan á yà síta ní ìdajì mítà. Ẹ̀gbẹ́ méjì, ìdajì àti ìdajì, mítà kan. Ìyẹn ni pé fífẹ̀ òkè kò ju 0.80 àti jíjìn yàrà tí a rò pọ̀ lọ. Ibi tó bá jìn ní mítà 1.20, òkè rẹ̀ á fẹ̀ ní mítà 2.00. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló tú àṣìṣe kan fó ní ọjọ́ kẹrin.

Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní kúkúrú, tí h dúró fún jíjìn, B fún fífẹ̀ òkè, A fún ojú-gígé:

```
B = 0.80 + h
A = (0.80 + B)/2 × h = 0.8h + 0.5h²
```

Apá àkọ́kọ́, 0.8h, ni àpótí tó dúró ṣánṣán láàárín yàrà. Apá kejì, 0.5h², ni igun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún àti òsì. Ẹ wò ó dáadáa: àpótí àárín ń pọ̀ bí jíjìn ṣe ń pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn igun ẹ̀gbẹ́ ń pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé bí yàrà ṣe ń jìn náà ló ń fẹ̀. Bí jíjìn bá di ìlọ́po méjì, igun ẹ̀gbẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ìṣirò yàrà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ti yàtọ̀ sí ti kòtò tó dúró ṣánṣán.

Omi gbọ́dọ̀ ṣàn, nítorí náà ìsàlẹ̀ gọ́tà ń rẹlẹ̀ sí i ní mítà kan nínú gbogbo mítà 200. Láàárín mítà 120, ó rẹlẹ̀ ní 0.60. Ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀ jìn ní mítà 0.90, òpin rẹ̀ níhà ọ̀sà jìn ní 1.50. Orí ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin kò ga ju ara wọn lọ.

Ojú-gígé ìbẹ̀rẹ̀ wá jẹ́ 1.125, ti òpin jẹ́ 2.325, ti àárín, níbi tó yẹ kó jìn ní 1.20, jẹ́ 1.68. Gbogbo rẹ̀ ní sìkúwéà mítà.

Ọ̀nà mẹ́ta làwọn èèyàn ń gbà ti ibí lọ sí iye yẹ̀pẹ̀. Àwọn kan á mú ojú-gígé ìbẹ̀rẹ̀ àti ti òpin, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 120: ìyẹn fún wọn ní kúbíìkì mítà 207. Àwọn mìíràn á mú jíjìn àárín nìkan, 1.20, wọ́n á ṣírò ojú-gígé kan ṣoṣo lórí rẹ̀: ìyẹn fún wọn ní 201.6. Ti àkọ́kọ́ pọ̀ jù, ti ìkejì kéré jù. Èyí tó péye ni èyí tó mú ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin pọ̀, tó sì fún àárín ní agbára mẹ́rin:

```
V = L/6 × (A1 + 4Am + A2)
V = 120/6 × (1.125 + 4×1.68 + 2.325) = 203.4
```

Am níbí yìí ni ojú-gígé tí a ṣírò láti inú jíjìn àárín gan-an, kì í ṣe A1 àti A2 tí a pín sí méjì. Ẹni tó bá fi ìyẹn síbẹ̀ á padà bá 207 pàdé, yóò sì máa rò pé òun ti ṣe èyí tó péye.

Láìtan ara wa jẹ, ìyàtọ̀ ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò tó ẹrù típà kan. Ẹni tó bá ń bá ọ̀gá rẹ̀ jà lórí 207 àti 203.4 ní irú yàrà yìí ń fi àkókò ṣòfò. Wàhálà ńlá kò sí nínú ọ̀nà ìṣirò. Inú ohun tí a wọ̀n ló wà, àti ohun tí a kò wọ̀n rárá.

Ọjọ́ kìíní: garawa márùn-ún tó di mẹ́fà àti díẹ̀

Kọ̀ǹtírátọ̀ ti mú 203.4, ó ti fi àyè inú típà pín in, ó ti kọ 29. Wọ́n wọn inú àgbá típà fúnra wọn: mítà 4.0 ní gígùn, 2.2 ní ìbú, 0.8 ní gíga, ìyẹn kúbíìkì mítà 7.04. Dírẹ́bà kò fẹ́ gbọ́ kúbíìkì kankan. "Ọ̀gá, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni mọ́tò yìí o, ẹ jẹ́ ká fi tọ́ọ̀nù sọ ọ́." Ìwúwo ni tọ́ọ̀nù, àyè ni kúbíìkì, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi ọ̀kan pín èkejì àfi tó bá mọ bí yẹ̀pẹ̀ náà ṣe wúwo tó.

Ohun tó burú jù nínú 29 yẹn ni pé yẹ̀pẹ̀ inú ilẹ̀ kọ́ ni típà ń kó. Yẹ̀pẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ti kì mọ́ra láti ọdún pípẹ́. Bí ọkọ́ bá ti tú u, afẹ́fẹ́ á wọ àárín rẹ̀, á wú. Bí yóò ṣe wú tó dúró lórí irú ilẹ̀ náà: iyanrìn kì í wú púpọ̀, amọ̀ líle máa ń wú gan-an. Dípò kí wọ́n mú iye kan láti inú ìwé, wọ́n dán an wò níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Lójú ìlà yàrà, wọ́n ha orí ilẹ̀ kúrò títí wọ́n fi bá ilẹ̀ pupa tí kò tíì ṣí rí. Wọ́n wá gbẹ́ ihò kékeré kan tó dúró ṣánṣán, 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìhà méjèèjì, 40 ní jíjìn, wọ́n fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ kó mú ṣáká. Ihò bẹ́ẹ̀ gba lítà 100 gẹ́lẹ́, ìyẹn garawa péńtì lítà 20 márùn-ún. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ tó jáde sínú garawa náà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọn kò tẹ̀ ẹ́, wọn kò gbọn garawa, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gé ẹnu rẹ̀. Ó kún mẹ́fà, ó ku ìdá mẹ́rin garawa kan. Lítà 125. Ìyẹn ni pé gbogbo kúbíìkì mítà kan tó wà nínú ilẹ̀ yóò di 1.25 lórí típà.

Kí a má tẹ yẹ̀pẹ̀ inú garawa ṣe pàtàkì, torí ibi tí èèyàn ti máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́ nìyẹn. Lébírà tó bá fẹ́ kí garawa gbà á tán á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ìdánwò náà á sì sọ pé ilẹ̀ kò wú rárá.

Wọ́n gbé garawa kan lé òṣùwọ̀n. Bí wọ́n ti yọ ìwúwo garawa kúrò, ó ku kílò 29. Lítà 20 jẹ́ kílò 29, nítorí náà kúbíìkì mítà kan yẹ̀pẹ̀ títú jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.45, típà tó kún dé ẹnu sì jẹ́ tọ́ọ̀nù 10.2. Dírẹ́bà kò purọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àyè láti kó òkìtì kọjá ẹnu àgbá, pàápàá bí yẹ̀pẹ̀ bá tutù.

203.4 ní ìlọ́po 1.25 jẹ́ 254.25. Pín in pẹ̀lú 7.04, ó lé díẹ̀ ní 36. Ẹrù 37. Wíwú ilẹ̀ nìkan ti fi mẹ́jọ lé 29.

Ọjọ́ kejì: òkè tí ojú kò rí

Wọ́n kan èèkàn sí ìbẹ̀rẹ̀, sí mítà 30, 60, 90 àti 120. Rọ́bà omi tí àwọn bíríkìlà fi ń mú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lò. Wọn kì í kàn na rọ́bà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti èèkàn dé èèkàn ni wọ́n ń gbé e. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé ẹnu rọ́bà méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Bí omi inú wọn kò bá bá ara wọn dọ́gba níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ti há sínú rọ́bà, kò sì sí ohun tí wọn yóò fi wọ̀n tí yóò tọ̀nà. Rọ́bà tó ti wà nínú oòrùn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa, ìlẹ̀ǹkẹ̀ afẹ́fẹ́ kékeré á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹ gbé ẹnu rẹ̀ sókè, ẹ fi ìka lù ú títí afẹ́fẹ́ á fi jáde.

Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin dọ́gba bí wọ́n ṣe rò. Ṣùgbọ́n ní èèkàn mítà 60, orí ilẹ̀ ga ju ìlà tó so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ òpin lọ ní 0.20. Ojú lásán kò rí i. Ó jọ pé ìgbà kan rí tí omi ń dúró níwájú ilé méjì kan làwọn onílé kó iyanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù dà síbẹ̀, ọ̀nà sì ga. Irú èyí pọ̀ nílùú Èkó. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí omi bá ya wọlé, wọn á gbé ojú ọ̀nà sókè.

Ìsàlẹ̀ gọ́tà kò lè tẹ̀lé òkè náà sókè, omi á dúró. Nítorí náà ní mítà 60, yàrà kò jìn ní 1.20 mọ́, ó jìn ní 1.40. Èèkàn 30 àti 90 fi hàn pé ilẹ̀ gòkè ní ìlà tààrà lọ sí 60, ó sì sọ̀kalẹ̀ ní ìlà tààrà.

Báyìí, ìlànà tó mú ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin kò ṣeé lò lórí gbogbo mítà 120 lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó ń fẹ́ ni kí jíjìn yí padà ní ìlà tààrà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, òkè yìí sì ti ṣẹ́ ìlà náà ní 60. Wọ́n gé yàrà sí méjì níbi tí ilẹ̀ ti ṣẹ́.

Ìdajì àkọ́kọ́ lọ láti 0.90 sí 1.40, àárín rẹ̀ jìn ní 1.15. Ìdajì kejì lọ láti 1.40 sí 1.50, àárín rẹ̀ jẹ́ 1.45.

```
V1 = 60/6 × (1.125 + 4×1.58125 + 2.10)  = 95.5
V2 = 60/6 × (2.10 + 4×2.21125 + 2.325) = 132.7
V  = 228.2
```

Òkè tí kò ga ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ ti fi kúbíìkì mítà 24.8 kún iṣẹ́. Lórí típà, ìyẹn jẹ́ 31, ó ju ẹrù mẹ́rin lọ. Àpapọ̀ wá di 285.25, ẹrù 41.

Ẹ fi èyí wé ìjà 207 àti 203.4. Ẹni tó lo ìlànà tó péye jù lọ láyé lórí ìpẹ̀kun méjì nìkan pàdánù yẹ̀pẹ̀ ní ìlọ́po méje ohun tí ẹni tó lo ìlànà tí kò péye pàdánù. Èèkàn tí a kàn sí ibi tí ilẹ̀ ti yí padà sàn ju ìlànà tó dára lórí èèkàn méjì.

Ọjọ́ kẹrin: téèpù tó dùbúlẹ̀

Wọ́n ti ń gbẹ́ láti ọjọ́ kẹta, láti ìhà ọ̀sà wá sókè, kí omi tó bá sun láti inú ilẹ̀ lè máa ṣàn kúrò lẹ́yìn wọn. Yẹ̀pẹ̀ tó jáde ń dúró de típà ní ó kéré tán mítà 0.60 sí etí yàrà kí ìwúwo rẹ̀ má baà ti ẹ̀gbẹ́ wọlé. Wọ́n kan igi sí ìgun mẹ́ta kan, 50 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 100 ní òró, wọ́n so òkúta mọ́ okùn lára igi tó dúró. Bí wọ́n bá gbé e ti ẹ̀gbẹ́ yàrà tí okùn náà sì bá igi lọ, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tọ̀nà.

Ọmọ tó ń wọn jíjìn kọ 1.565 sílẹ̀ ní mítà 60, ó sì kọ 2.20 fún fífẹ̀ òkè. Fọ́máànù wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Lọ tún un wọ̀n. Méjèèjì kò lè jẹ́ òótọ́." Báwo ló ṣe mọ̀? Nínú yàrà yìí, bí a bá yọ 0.80 kúrò nínú fífẹ̀ òkè, ohun tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ jíjìn. 2.20 yọ 0.80 jẹ́ 1.40. Ọmọ náà ti tẹ́ téèpù lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́, ó wọ̀n ọ́n láti etí òkè dé igun ìsàlẹ̀. Ojú ẹ̀gbẹ́ tó dagẹ̀rẹ̀ gùn ju jíjìn lọ, nínú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdajì sí ọ̀kan ó gùn ní ìlọ́po 1.118.

Bí a bá fi àṣìṣe yẹn sílẹ̀ ní gbogbo èèkàn, iye yẹ̀pẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 pọ̀ jù. Lórí 228.2, ìyẹn jẹ́ kúbíìkì mítà 27 tí kò sí nínú ilẹ̀ rárá. Ó wuni láti fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sanwó fún èèyàn lórí kúbíìkì, àmọ́ ẹni tó bá tún un wọ̀n á rí i.

Bó ṣe yẹ kó rí: ẹ tẹ́ pákó tó nà tọ́ọ́rọ́ láti etí kan dé èkejì. Láti abẹ́ pákó, ní àárín gan-an, ẹ ju téèpù sísàlẹ̀ ṣánṣán. Kó kan ilẹ̀ líle, kì í ṣe ẹrẹ̀. Ní ìhà ọ̀sà, ẹrẹ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ ti jọ sí ìsàlẹ̀ láti inú omi tó ń sun, ẹnu téèpù sì ń dúró lórí rẹ̀ bí ẹni pé ó ti délẹ̀. Ìyẹn ń mú kí yàrà dà bí ẹni pé kò jìn tó, fọ́máànù á ní kí wọ́n tún gbẹ́, wọ́n á sì gbẹ́ kọjá ibi tó yẹ. Wọ́n gbọ́n ẹrẹ̀ náà kúrò kí wọ́n tó wọ̀n.

Ọjọ́ kẹfà: òjò

Òjò rọ̀ lóru. Láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti wó láti mítà 84 dé 96. Ẹ̀gbẹ́ tó wó náà kì í ṣe ilẹ̀ pupa. Yàrà omi ẹ̀rọ kan ti kọjá níbẹ̀ nígbà kan rí, iyanrìn ni wọ́n sì fi dí i padà. Ilẹ̀ pupa tó ní amọ̀ nínú lè dúró ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdajì sí ọ̀kan fún ìwọ̀nba ọjọ́ ní jíjìn báyìí. Iyanrìn tí omi ti wọ̀ kò lè dúró. Àmì rẹ̀ ti hàn láti àná: ìlà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kan ti là lórí ilẹ̀, ẹsẹ̀ kan sí etí yàrà, ó sì bá yàrà lọ. Ẹni tó bá rí irú ìlà bẹ́ẹ̀ kí ó kó àwọn tó wà nínú yàrà jáde, kí ó má dúró béèrè ìdí.

Ẹ̀gbẹ́ tó wó dúró ní ọ̀kan sí ọ̀kan. Ohun tó fi kún ojú-gígé jẹ́ igun mẹ́ta tó wà láàárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àtijọ́ àti ti tuntun. Jíjìn níbẹ̀ tó 1.45, nítorí náà:

```
0.5 × 1.45 × (1.45 − 0.725) = 0.526
0.526 × 12 = 6.3
```

Iyanrìn ni, wíwú rẹ̀ kéré, wọ́n fi 1.12 ṣe é, ó jẹ́ 7.1 lórí típà. Ẹrù kan. Àpapọ̀ di 292.35, ẹrù 42.

Ká ní Erékùṣù Èkó tàbí ilẹ̀ tí wọ́n fi iyanrìn dí ní Victoria Island ni iṣẹ́ yìí wà ni, kì í ṣe mítà 12 nìkan ni yóò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìdajì sí ọ̀kan lọ síbẹ̀ kò tíì mọ iyanrìn. Bí ẹ̀gbẹ́ bá gbọ́dọ̀ dúró ní ọ̀kan àti ààbọ̀ sí ọ̀kan, ojú-gígé á di 0.8h + 1.5h². Yàrà tó jìn ní 1.20, tí ojú-gígé rẹ̀ jẹ́ 1.68 ní Bàrígà, á di 3.12 lọ́hùn-ún. Ìsàlẹ̀ kan náà, jíjìn kan náà, yẹ̀pẹ̀ súnmọ́ ìlọ́po méjì. Òkè yàrà náà á sì fẹ̀ ní mítà 4.40, èyí tí òpópónà tóóró kò ní gbà. Níbẹ̀, pákó tí a fi gbé ẹ̀gbẹ́ dúró ló kù.

Ọjọ́ kẹsàn-án: ìwé dírẹ́bà

Yẹ̀pẹ̀ ìkẹyìn kúrò. Ìwé tí dírẹ́bà ń fa ìlà sí sọ pé 43. Ìṣirò sọ pé 42, kódà ìkejìlélógójì kò yẹ kó kún ju ìdajì àti díẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan dírẹ́bà, wọ́n ti ń wo ẹnu àgbá láti ọjọ́ kẹrin, wọ́n sì ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí inú rẹ̀. Láwọn ọ̀sán tí oòrùn mú, tó rẹ àwọn lébírà, yẹ̀pẹ̀ ń dúró ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí ẹnu. Ó jọ ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n márùn-ún yẹn lórí àgbá tó jẹ́ mítà 4.0 sí 2.2 jẹ́ kúbíìkì mítà 0.44, irú ẹrù 16 bẹ́ẹ̀ sì ti jẹ típà kan odidi. Lórí ìwé fọ́máànù, ẹrù 15 ló ní àmì pé kò dé ìlà. Kó ẹrẹ̀ tí wọ́n gbọ́n ní ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, iye náà bára mu.

Ìwé tí kọ̀ǹtírátọ̀ gbé lọ fún ìsanwó kò ní 43 nínú, kò sì ní 234.5, ìyẹn 228.2 pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ tó wó. 228.2 ni wọ́n kọ. Ìlà tí a yà sórí pátákó ni wọ́n ń sanwó gbígbẹ́ lé, kì í ṣe ibi tí ilẹ̀ wó dé. Kúbíìkì mítà 6.3 tó wó wà nínú ìwé mìíràn, pẹ̀lú fọ́tò, ọjọ́ tí òjò rọ̀, àti iye mítà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kí àwọn méjèèjì jọ jókòó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.